Àríyànjiyàn Nínú Kíláàsì: Bí Olùkọ́ Ṣe Lè Ṣètò Rẹ̀ Kí Ìhà Kan Má Baà Rẹ́ Èkejì Jẹ

Ẹni tó bá ti jókòó sí gbọ̀ngàn iléèwé rí nílẹ̀ wa mọ ìkíni náà lórí: alága ọ̀wọ̀, ẹ̀yin adájọ́ tí kì í ṣègbè, olùtọ́jú àkókò tí aago rẹ̀ kì í purọ́, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú iyàn. Ọmọ á kí gbogbo wọn tán, á sọ orúkọ ara rẹ̀, á ní òun wá ṣàtìlẹyìn fún àkòrí tó ní dókítà wúlò ju olùkọ́ lọ. Á wá ka ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá a kọ, á sì fi kádìí rẹ̀ pé ìwọ̀nba kókó tí òun mú wá ti yí wa lọ́kàn padà, kò dà wá lọ́kàn rú. Àtẹ́wọ́ á dún. Ẹni tó kàn á dìde, á ka tirẹ̀ náà. Títí wọ́n á fi jókòó, kò sí ẹni tó dá ẹnì kan lóhùn.

Àkàsórí lèyí, kì í ṣe iyàn. Kò burú púpọ̀ tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ dókítà àti olùkọ́, torí kò sẹ́ni tó máa sùn lébi nítorí rẹ̀. Àmọ́ bí olùkọ́ bá gbé ọ̀rọ̀ tí àwọn àgbà gan-an ń fà mọ́ra wọn lọ́wọ́ wọ kíláàsì, ètò yẹn kò lè gbé e. Olóhùn gooro ló máa gba máàkì, ẹni tí ìhà rẹ̀ bá ti wu olùkọ́ tẹ́lẹ̀ ló máa borí, ẹni tó fetí sílẹ̀ dáadáa kò ní rí nǹkan kan gbà. Ohun tí a fẹ́ wò níbí ni bí a ṣe lè tò ó kó jẹ́ ọmọ tó gbọ́ ọ̀rọ̀ alátakò yé, tó sì fèsì sí i, ni máàkì máa lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. A ó fi kíláàsì JSS 3 kan tó ní akẹ́kọ̀ọ́ 40 ṣe àpẹẹrẹ, a ó sì mú ọ̀rọ̀ kan tó ń jà ràn-ìn lọ́wọ́lọ́wọ́: èdè wo ló yẹ ká fi kọ́ ọmọ ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀?

Àkòrí tí ìhà méjèèjì lè gbé

Ibi tí ojúsàájú ti máa ń kọ́kọ́ wọlé ni gbólóhùn àkòrí. Bí olùkọ́ bá kọ ọ́ sójú pátákó pé “Yorùbá dára ju Gẹ̀ẹ́sì lọ,” kò sẹ́ni tó mọ ohun tí wọ́n ń jà lé lórí. Ó dára fún kí ni? Fún ta ni? Ìhà kan á máa sọ̀rọ̀ àṣà, èkejì á máa sọ̀rọ̀ ìwé ìrìnnà, wọn ò sì ní pàdé. Bó bá sì kọ ọ́ pé “Ó yẹ kí ìjọba yé fi èdè àjèjì ba ọpọlọ àwọn ọmọ wa jẹ́,” ó ti dá ẹjọ́ náà kí wọ́n tó gbọ́ ọ. Ta ni yóò dìde pé kí wọ́n máa ba ọpọlọ ọmọ jẹ́ lọ?

Àkòrí tó dára máa ń dárúkọ ibi, dárúkọ àwọn tọ́rọ̀ kàn, ó sì máa ń sọ ohun pàtó tí a fẹ́ kí ẹnì kan ṣe. Ẹ wo èyí: “Ní gbogbo iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, Yorùbá ni kí a fi kọ́ ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ láti kíláàsì kìíní dé ìkẹfà, kí Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàyè ara rẹ̀.” Ó gùn díẹ̀, àmọ́ kò síbi tí èèyàn lè sá gbà nínú rẹ̀. Ìṣirò wà lára gbogbo iṣẹ́, sáyẹ́ǹsì náà wà níbẹ̀. A kò ní kí wọ́n pa Gẹ̀ẹ́sì tì, nítorí náà alátakò kò lè fi ìyẹn ṣe ọ̀rọ̀ sọ.

Kí olùkọ́ tó gbé àkòrí jáde, kí ó jókòó ti bébà kan, kí ó kọ kókó mẹ́ta tó lágbára jù lọ fún ìhà kìíní, kí ó kọ mẹ́ta fún ìkejì. Bó bá rí mẹ́ta kọ síbì kan tí kò rí ju ẹyọ kan kọ sí ìkejì, kí ó tún gbólóhùn náà ṣe, tàbí kí ó wá ọ̀rọ̀ mìíràn. Ìdánwò kejì tún wà: ṣé ọmọ kan wà nínú kíláàsì yìí tí ìhà kan yóò sọ ọ́ di ohun ẹ̀sín? Ọ̀rọ̀ bóyá ẹ̀sìn kan dára, tàbí bóyá ẹ̀yà kan ṣeé fọkàn tán, kì í ṣe àkòrí kíláàsì, nítorí ọmọ tó jẹ́ ẹ̀sìn tàbí ẹ̀yà yẹn kò jiyàn mọ́, ara rẹ̀ ló ń gbèjà.

Ẹ̀rí kan náà fún gbogbo wọn

Bí a bá ní kí kálukú lọ wá ẹ̀rí tirẹ̀, ọmọ tí fóònù àti dátà wà nílé rẹ̀ ti borí kí a tó bẹ̀rẹ̀. Ohun tó bá ojú mu ni kí olùkọ́ tẹ ojú ìwé méjì, kí gbogbo kíláàsì gba ọ̀kan náà, kí àwọn ohun tó ran ìhà kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ jọ wà nínú rẹ̀. Ọmọ tó bá rí ẹ̀rí mìíràn níta lè lò ó, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ fi han ìhà kejì ní ọ̀la iyàn, kí ó sì sọ ibi tó ti rí i. Ẹ̀rí tó bá jáde láti àpò lójú agbo, adájọ́ kò ní kà á.

Lórí àkòrí wa yìí, ìwé náà kò ní ṣàìmẹ́nu ba iṣẹ́ ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1970 ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Stéfánù Mímọ́ “A” ní Modákẹ́kẹ́. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan. Àwọn tí wọ́n fi wé wọn lo Yorùbá fún ọdún mẹ́ta, wọ́n wá bọ́ sórí Gẹ̀ẹ́sì bí iléèwé yòókù ti ń ṣe. Àwọn olùṣèwádìí náà jábọ̀ pé àwọn tó lo Yorùbá dé òpin ṣe dáadáa ju àwọn yòókù lọ, wọn kò sì rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ìtàn ìlànà ìjọba. Ìlànà ètò ẹ̀kọ́ ti 1977 ní kí wọ́n fi èdè abínibí tàbí èdè àdúgbò kọ́ ọmọ ní ìbẹ̀rẹ̀ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìgbìmọ̀ aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kó jẹ́ ọdún mẹ́fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ pátá. Mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ìgbà náà, Adamu Adamu, ló kéde rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, mínísítà tó wà níbẹ̀ nígbà náà, Túnjí Alausa, kéde pé wọ́n ti fagi lé e, pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n máa fi kọ́ni láti jẹ́lé-ó-sinmi dé yunifásítì. Ìdí tó sọ ni pé àwọn agbègbè tó lo èdè abínibí jù ni àwọn ọmọ ti ń fìdí rẹmi jù nínú ìdánwò WAEC, NECO àti JAMB.

Ẹ ò rí i pé oúnjẹ ti wà lórí tábìlì fún ìhà méjèèjì. Alátìlẹyìn lè béèrè pé: ọmọ tó ṣe WAEC ní 2025 ti kúrò ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kí ìlànà 2022 tó jáde, báwo ni ìlànà náà ṣe fẹ́ jẹ́ ohun tó fà á lulẹ̀? Alátakò lè fèsì pé ìlànà 1977 ti wà níbẹ̀ ṣáájú. Alátìlẹyìn á tún béèrè pé iléèwé mélòó ló tẹ̀ lé e ní tòótọ́. Lódìkejì, alátakò lè béèrè nípa Modákẹ́kẹ́ pé: ibi tí gbogbo ọmọ ti ń sọ Yorùbá nílé ni wọ́n ti ṣe é, ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni yóò rí níbi tí ọmọ Ẹ̀búté Mẹ́ta, ọmọ Ídómà àti ọmọ Ìgbò jọ ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan? Ìwé tuntun àti àfiyèsí tí àwọn ọmọ náà rí gbà ńkọ́, ṣé kì í ṣe òun ló ràn wọ́n lọ́wọ́? Irú ìbéèrè báyìí ni a fẹ́ kí ọmọ kọ́ láti máa béèrè.

Ìbò ni kí ó pín wọn

Ọ̀sẹ̀ méjì ni ètò yìí gbà. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, gbogbo ọmọ 40 ló máa múra ìhà méjèèjì. Nínú ẹ̀kọ́ kan, kí olùkọ́ pín wọn ní méjì méjì lórí ìjókòó wọn. Ọ̀kan á fi ìṣẹ́jú méjì ṣàtìlẹyìn, èkejì á fi ìṣẹ́jú méjì ṣàtakò, wọ́n á wá pààrọ̀ ìhà. Ariwo á wà, àmọ́ nínú ìṣẹ́jú mẹ́jọ, kò ní sí ẹnì kan nínú kíláàsì tí kò tíì sọ̀rọ̀ fún ìhà tí kò fẹ́.

Ìgbà tó bá ku ọjọ́ méjì sí iyàn ni wọ́n tó ṣẹ́ ìbò. Olùkọ́ á ká bébà pélébé pélébé, kálukú á mú ọ̀kan, ohun tó bá wà nínú rẹ̀ ni ìhà rẹ̀. Èyí ṣe nǹkan méjì. Ọmọ tó ti mọ ìhà rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ kì í ka ẹ̀rí ìhà kejì, á kàn máa kó tirẹ̀ jọ ni. Ìkejì ni pé ìbò dáàbò bo ọmọ. Nígbà tí gbogbo kíláàsì mọ̀ pé bébà ló fi í sí ìhà yẹn, kò sẹ́ni tó lè bá a délé pé òun ló ní kí wọ́n má kọ́ Yorùbá mọ́. Àwa ni a kúkú ń pa á lówe pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹni tí kò mọ ọ̀nà tí ìhà rẹ̀ yóò gbà jáde ni yóò gbọ́ ẹjọ́ méjèèjì.

Ìhà kọ̀ọ̀kan á wá yan olùsọ̀rọ̀ mẹ́ta. Olùkọ́ á mú alága kan, olùtọ́jú àkókò kan àti adájọ́ mẹ́ta, ọmọ 29 á sì kù tí wọn yóò jẹ́ òǹgbọ́ tó ní iṣẹ́ lọ́wọ́.

Bí ogójì ìṣẹ́jú ṣe máa lọ

Alága á fi ìṣẹ́jú 3 ka àkòrí àti òfin. Ìkíni kì í ju gbólóhùn kan lọ: “Ẹ káàárọ̀ o, gbogbo ilé.” Nínú ọ̀rọ̀ oníṣẹ́jú mẹ́ta, ìkíni tó gba ogójì ìṣẹ́jú àáyá ti jẹ nǹkan bí ìdá mẹ́rin rẹ̀ run.

Olùsọ̀rọ̀ kìíní alátìlẹyìn á gba ìṣẹ́jú 3, wọ́n á fi ìṣẹ́jú 2 bi í ní ìbéèrè. Olùsọ̀rọ̀ kìíní alátakò á ṣe bákan náà, lẹ́yìn náà olùsọ̀rọ̀ kejì láti ìhà méjèèjì. Ogún ìṣẹ́jú ti lọ nìyẹn. Ẹni tó sọ̀rọ̀ ló gbọ́dọ̀ dáhùn ìbéèrè fúnra rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe yọ́ ọ sọ fún un. Wọ́n á wá sinmi fún ìṣẹ́jú 2 kí ìhà kọ̀ọ̀kan lè forí korí. Olùsọ̀rọ̀ kẹta ní ìṣẹ́jú 2 péré, kò sì gbọ́dọ̀ mú kókó tuntun wọlé, torí pé kò sí ẹni tó máa láǹfààní láti dá a lóhùn. Ní ìpele yìí, alátakò ló ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, alátìlẹyìn á sì kádìí. Ìdí ni pé alátìlẹyìn ló ṣí iyàn láìtíì gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnì kankan, nítorí náà òun ni kí ọ̀rọ̀ ìkẹyìn jẹ́ tirẹ̀.

Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú 29. Àwọn òǹgbọ́ á fi 5 parí ìwé wọn. Mẹ́fà tó kù, ìdìbò àti ìdádúró ló máa jẹ ẹ́, kí olùkọ́ má ṣe gbójú lé e fún àsọyé. Aago máa ń dún lẹ́ẹ̀kan tó bá ku ìṣẹ́jú kan, á dún lẹ́ẹ̀mejì tí àkókò bá pé. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá 15, àwọn adájọ́ á gbé bíírò wọn sílẹ̀ kí gbogbo èèyàn rí i.

Òfin kan ṣoṣo ló tún kù tó ṣe pàtàkì. Bí olùsọ̀rọ̀ kan bá yí ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn po, ẹni náà lè na ọwọ́, kí ó ní, “Èmi kọ́ ni mo sọ bẹ́ẹ̀.” Alága á dá aago dúró, ẹni tó yí i po á tún ọ̀rọ̀ náà sọ títí ẹni tó ni ín á fi ní “Bẹ́ẹ̀ ni.” Ẹ̀ẹ̀kan ni ìhà kọ̀ọ̀kan láǹfààní èyí, kí wọ́n má baà sọ ọ́ di ohun ìdènà.

Bí a ṣe ń fún wọn ní máàkì

Àpapọ̀ máàkì olùsọ̀rọ̀ jẹ́ 20. Mẹ́fà wà fún kókó ọ̀rọ̀ àti bó ṣe tò ó, márùn-ún fún ẹ̀rí, mẹ́fà fún ìfèsì sí ìhà kejì, mẹ́ta fún ohùn tó dé ẹ̀yìn kíláàsì, ìpamọ́ àkókò àti ọ̀wọ̀. Ọmọ tó ń kólòlò tàbí tí èdè àdúgbò rẹ̀ hàn nínú ọ̀rọ̀ kò gbọ́dọ̀ pàdánù ohunkóhun níbẹ̀. Olùsọ̀rọ̀ kìíní alátìlẹyìn kò tíì gbọ́ ẹnì kankan tí yóò fèsì sí, nítorí náà máàkì mẹ́fà ti ìfèsì rẹ̀ á lọ sórí bó ṣe ṣàlàyé àkòrí àti bó ṣe rí ohun tí alátakò máa sọ ṣáájú. Bí olùkọ́ bá gbàgbé èyí, ọmọ náà ti pàdánù mẹ́fà kí ó tó la ẹnu.

Ká wo olùsọ̀rọ̀ kejì láti ìhà méjèèjì. Ti alátìlẹyìn lóhùn, ó ń pa òwe, ó ní ẹni tó bá sọ ilé nù ti sọ àpò ìyà kọ́, kíláàsì pàtẹ́wọ́. Ó ní àwọn orílẹ̀-èdè tó ti gòkè ń fi èdè wọn kọ́ ọmọ, kò dárúkọ ìkankan. Ó ní alátakò ò fẹ́ràn ìran Yorùbá. Ti alátakò ń wo ilẹ̀, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. Ó ní, “Olùsọ̀rọ̀ yín kìíní sọ pé àwọn ọmọ Modákẹ́kẹ́ kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Àmọ́ wọ́n ní olùkọ́ tó mọ Gẹ̀ẹ́sì kọ́ dáadáa. Àkòrí yín kò sọ ibi tí a ó ti rí irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ fún gbogbo Ọ̀ṣun.”

Bí wọ́n bá fi etí lásán dá ẹjọ́ yìí, ẹni àkọ́kọ́ ló máa gbégbá orókè. Lórí ìwé wa, ó gba 3 fún kókó, 1 fún ẹ̀rí, 0 fún ìfèsì, nítorí pé ẹ̀sùn ni ó fi kan alátakò, kò dáhùn ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó wá gba 2 fún ohùn. Mẹ́fà ni àpapọ̀ rẹ̀. Ẹnì kejì gba 4, 4, 6 àti 1, ó jẹ́ 15. Ó gbà ohun tó jẹ́ òtítọ́ nínú ọ̀rọ̀ alátakò rẹ̀, ó wá fi ọwọ́ kan ibi tí kò pé.

Adájọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á kọ máàkì wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí wọ́n tó bá ara wọn sọ̀rọ̀. Bí ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹni tó fún ni jù àti ẹni tó fún ni kéré jù bá ju 4 lọ, kí kálukú fi ohun tó kọ sílẹ̀ han ẹnì kejì. Ó dára kí olùkọ́ ti kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú méjì kan fún wọn ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, kí gbogbo kíláàsì fún un ní máàkì, kí wọ́n sì jiyàn lórí ìdí tí ẹnì kan fi fún un ní 5 tí ẹlòmíràn fún un ní 2. Olùkọ́ ló ni àṣẹ ìkẹyìn lórí máàkì tó máa wọ ìwé èsì.

Àwọn òǹgbọ́ 29, àwọn adájọ́, alága àti olùtọ́jú àkókò náà ní 20 tiwọn, lórí ìwé tí wọ́n kọ. Mẹ́jọ wà fún kíkọ kókó tó lágbára jù ní ìhà kọ̀ọ̀kan lọ́nà tí ẹni tó sọ ọ́ á fi gbà pé bẹ́ẹ̀ lòun wí. Mẹ́fà wà fún dídárúkọ kókó kan tí wọn kò dáhùn. Mẹ́fà tó kù wà fún èrò ọmọ náà àti ẹ̀rí tó lè mú kí ó yí i padà. Kò sí máàkì fún ìhà tó yàn.

Ohun tó lè ba ètò náà jẹ́

Bí ọmọ kan bá ka ọ̀rọ̀ tó yanjú, tí kò wá lè dáhùn ìbéèrè kékeré kan nípa rẹ̀, ẹlòmíràn ló kọ ọ́ fún un. Ìbéèrè oníṣẹ́jú méjì ló ń tú àṣírí yìí, ìdí nìyẹn tí a kò fi gbọ́dọ̀ gé e kúrò bí àkókò bá há.

Èyí tó ṣòroó rí ni ojúsàájú olùkọ́ fúnra rẹ̀. Ó lè máà sọ èrò rẹ̀, kí ó wá máa mi orí sí ìhà kan, kí ó máa ní “Ṣé ó dá ọ lójú?” sí ìkejì nìkan. Kí ó fún ọmọ kan ní bébà láti máa sàmì sí iye ìgbà tó bá ìhà kọ̀ọ̀kan wí tàbí tó yìn wọ́n. Iye náà á bá a sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Bí àwọn ọmọ bá bi í léèrè ibi tí òun wà, kí ó sọ fún wọn lẹ́yìn tó bá ti dá ìwé máàkì padà, kì í ṣe ṣáájú.

Èdè iyàn náà lè di ojúsàájú. Bí a bá ní Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni kí wọ́n fi jiyàn, ọmọ tí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò dán mọ́rán pàdánù lórí ohun tí a kò ní kí a wọ̀n. Bí kì í bá ṣe iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, kí kálukú lo èdè tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn nínú méjèèjì.

Lẹ́yìn tí aago bá dún

Kí wọ́n dìbò ní bòókẹ́lẹ́ ṣáájú ọ̀sẹ̀ méjì náà, kí àwọn òǹgbọ́ tún dì í lẹ́yìn iyàn. Ká ní nínú òǹgbọ́ 29, 19 ló ṣàtìlẹyìn tẹ́lẹ̀ tí 10 sì ṣàtakò, ó wá di 16 àti 13. Alátìlẹyìn ṣì pọ̀ jù, àmọ́ alátakò ló fa èèyàn mọ́ra. Ó dùn ún kéde, àwọn ọmọ sì fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó má kan máàkì rárá. Èèyàn lè yí padà nítorí ọ̀rẹ́ tàbí nítorí ẹ̀rín.

Ohun kan wà tí iyàn kò lè ṣe: ó máa ń sọ gbogbo ọ̀rọ̀ di ìhà méjì. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ronú lórí èdè ẹ̀kọ́ kò sí ní ìhà kìíní tàbí ìkejì pátápátá. Àwọn kan á ní kí Yorùbá gbé ọmọ dé kíláàsì kẹta tàbí ìkẹrin, kí Gẹ̀ẹ́sì wá máa gba ipò díẹ̀díẹ̀. Àwọn mìíràn á ní kí ìṣirò wà ní èdè kan, kí ìtàn wà ní èkejì. Nítorí náà, ẹ̀kọ́ tó tẹ̀ lé iyàn ni kí olùsọ̀rọ̀ láti ìhà méjèèjì jọ jókòó, kí àwùjọ ọmọ márùn-ún márùn-ún kọ gbólóhùn kan tí àwọn méjèèjì lè fọwọ́ sí, kí wọ́n sì kọ ohun tí ìhà kọ̀ọ̀kan jọ̀wọ́ kí ó tó ṣeé ṣe sísàlẹ̀ rẹ̀. Àwùjọ tí kò bá rí ohun kankan kọ síbi tí wọ́n ti jọ̀wọ́, kí olùkọ́ dá ìwé wọn padà, kí wọ́n lọ tún un ṣe.